Bí a ṣe ń ṣírò kọfí àti tíì tó máa kún fúláàsìkì ńlá fún ìpàdé

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa n'Íbàdàn ní kí n bá àwọn po kọfí fún ìpàdé àárọ̀ Sátidé. Èèyàn 25 ni wọ́n ń retí. Mo mọ bí mo ṣe ń po tèmi nílé: ṣíbí ìjẹun méjì kọfí lílọ̀ sí ife omi kan. Mo wá sọ ọ́ di ọ̀nà 25. Mo wọn ife omi 25 sínú ìkòkò, mo da kọfí sí i, mo sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sínú fúláàsìkì onípọ́ǹpù, mo sì gbé e jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìgbà tó kan ẹni kejìlélógún ni pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í mí fìn-ín, afẹ́fẹ́ lásán ló ń tú jáde. Àwọn tó ti rí mu sì ń fajú ro, wọ́n ní ó ti le jù. Màmá akápò wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èèyàn mélòó ni mo kà fún ẹ?"

Èèyàn 25 ni wọ́n kà fún mi lóòótọ́, ife omi 25 náà ni mo sì wọ̀n. Inú eérí ni omi tó kù wà. Kọfí lílọ̀ máa ń mu omi bí kànrìnkàn: gíráàmù kọ̀ọ̀kan ń dá nǹkan bíi mìlílítà 2 omi dúró sínú ara rẹ̀, omi náà kì í sì í jáde bí a bá sẹ́ ẹ. Nínú ife kan, gíráàmù 11 kọfí gbé mìlílítà 22 mì, kò sẹ́ni tó máa fura. Nínú ìkòkò tèmi, kọfí gíráàmù 275 ló wà níbẹ̀, ó sì gbé mìlílítà 550 mì. Ife èèyàn mẹ́ta gbáko nìyẹn. Ti ẹni kẹrin wà nísàlẹ̀ fúláàsìkì, níbi tí ọ̀pá pọ́ǹpù kò dé.

Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ fúláàsìkì lítà 5 ni màá fi sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, torí òun ni mo ń lò jù. Kọfí lílọ̀ ni màá kọ́kọ́ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí òun ló le jù. Tíì yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ kọfí inú agolo tó ń yọ́ tán pátápátá sínú omi lẹ fẹ́ lò, ìṣirò tirẹ̀ rọrùn. Kò ní eérí, kò gba omi lọ́wọ́ yín. Ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2, sí ife kan ni. Agolo kékeré oní gíráàmù 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún ife 26. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó nínú abọ́ kí ó má ṣe dì sísàlẹ̀ fúláàsìkì, kí ẹ tó da ìyókù sí i.

Ẹ wọn ife, kí ẹ sì wọn fúláàsìkì

Ìṣirò kankan kò lè yọrí bí ẹ kò bá mọ bí ife tí wọ́n máa lò níbi ìpàdé ṣe tóbi tó. Ife tánganran tó wà ní gbọ̀ngàn wa gba mìlílítà 240 bí a bá bù ú dé etí, ṣùgbọ́n ta ló ń bu kọfí dé etí? Mílíìkì ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀, ṣúgà náà ń bọ̀. Ẹ bu omi sínú ife náà dé ibi tí ẹ máa bù ú dé fún àlejò, kí ẹ wá dà á sínú fídà ọmọdé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, ẹ ó sì rí i kedere. Tèmi jẹ́ mìlílítà 180. Àwọn ife olétí gbàǹgbà tí wọ́n ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sí lára lè gba 300, fúláàsìkì tó yẹ kó tó èèyàn 26 kò sì ní ju èèyàn 15 lọ mọ́. Mo ti rí i kí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹni tó se kọfí kò sí níbi tí wọ́n ti ń bù ú.

Fúláàsìkì náà, ẹ má ṣe gba ohun tí wọ́n kọ sí lára rẹ̀ gbọ́. Ẹ bu omi tútù sí i títí dé abẹ́ ọrùn, ibi tí ìdérí onípọ́ǹpù máa jókòó sí láìtú omi dà, kí ẹ sì máa ka iye tí ẹ ń dà sí i. Tèmi tí wọ́n pè ní lítà 5 gba lítà 4 àti mìlílítà 800. Ẹ dé e, kí ẹ sì fi pọ́ǹpù fa omi náà jáde títí yóò fi kọ̀. Iye tó kù sísàlẹ̀ ni iye tí ẹ kò ní rí bù fún ẹnikẹ́ni. Nínú tèmi ó jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 100. Ohun tí mo lè bù fún èèyàn nígbà náà jẹ́ mìlílítà 4,700, tí í ṣe ife 26. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe èyí. Mo fi táàpù funfun kọ ọ́ mọ́ ìdí tèmi.

Òṣùwọ̀n ife kan

Ṣíbí ni ọ̀pọ̀ wa ń lò nílé, ṣíbí ìjẹun méjì tó tẹ́jú sì ń súnmọ́ gíráàmù 11. Fún ife kan, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíbí tó tẹ́jú àti ṣíbí tó ga kì í ṣe ọ̀kan náà, kọfí tí wọ́n lọ̀ kúnná sì ń wúwo nínú ṣíbí ju èyí tí wọ́n lọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ lọ. Bí ẹ bá fi gíráàmù 2 ṣìnà lórí ife kan, ẹ kò ní mọ̀. Bí ẹ bá sọ àṣìṣe náà di ọ̀nà 27, gíráàmù 54 ló dà, ìyẹn sì tó láti sọ kọfí gidi di àgbo. Sikéèlì kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ni kí ẹ yá.

Ohun tí ó wá yí gbogbo ìṣirò padà ni pé omi tí ẹ DÀ SÍ kọfí ni kí ẹ máa kà, kì í ṣe èyí tí ẹ rí mu. Ẹ wọn gíráàmù 11 kọfí, ẹ da mìlílítà 200 omi gbígbóná sí i. Eérí máa mu nǹkan bíi 22, ife yín á sì rí 178. Ìyẹn ni ife kan tó pé. Ẹ pò ó báyìí lẹ́ẹ̀kan nílé kí ẹ tó ronú nípa èèyàn 26, kí ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà bí àwọn ará ìpàdé ṣe máa mu ún. Bí ó bá le jù fún yín, ẹ dín in kù sí 10. Bí ó bá fúyẹ́, 12. Orí ife kan ni kí ẹ ti jà á tán.

Ọ̀rọ̀ kan nípa irú kọfí: rọ̀búsítà ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà, ó korò ju arábíkà lọ, agbára tó ń lé oorun lọ nínú rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì. Bí ti ilé wa ni mo bá rí rà, gíráàmù 10 ni mo ń lò sí ife kan. Àwọn àgbàlagbà pọ̀ nínú ìpàdé wa, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé òun kò rí oorun sùn.

Láti ife kan dé fúláàsìkì

Ẹ wo bí ó ṣe wá rọrùn tó. Fúláàsìkì mi fẹ́ mìlílítà 4,800. Ife kọ̀ọ̀kan ń fún mi ní 178. Mo pín in, mo rí 27. Mo wá sọ ohun méjèèjì, kọfí àti omi, di ọ̀nà 27: gíráàmù 11 di 297, tí mo sọ di 300 gbáko, mìlílítà 200 di 5,400, ìyẹn lítà 5 àti mìlílítà 400. Eérí gíráàmù 300 máa gbé mìlílítà 600 mì. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 5,400, ó ku 4,800. Fúláàsìkì kún.

Ẹni tí fúláàsìkì rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi lè mú un báyìí: fún lítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ rí nínú fúláàsìkì, ẹ se omi lítà kan àti mìlílítà 125, kí ẹ sì wọn kọfí gíráàmù 62. Fúláàsìkì lítà 3 tó ń gba 2,900 ní tòótọ́ máa fẹ́ omi tó lé díẹ̀ ní lítà 3 àti mìlílítà 250, pẹ̀lú kọfí gíráàmù 180.

Nígbà mìíràn ọjà ló máa bá yín ṣírò. Ọ̀rá oní gíráàmù 250 ló wọ́pọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tú ọ̀rá kejì nítorí gíráàmù 50. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá kan ṣoṣo lẹ ní, omi lítà 4 àti àbọ̀ ni ẹ fi pàdé rẹ̀. Lítà 4 ló máa jáde, ife bíi 22. Ẹ bu ìyẹn fún wọn, kí ẹ sì fi tíì pàdé àwọn tó kù. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ da omi lítà 5 àti mìlílítà 400 lé gíráàmù 250 kí iye ife lè pé. Gbogbo èèyàn á rí mu, ṣùgbọ́n omi ìfọwọ́ ni wọ́n á máa mu.

Omi náà ńkọ́? Bí ẹ kò bá ní ike tí wọ́n kọ òṣùwọ̀n sí, píọ̀ wọ́tà ń ṣe é. Ọ̀rá kan yẹ kó jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, nítorí náà ọ̀rá 11 dín díẹ̀ ni lítà 5 àti mìlílítà 400. Èmi máa ń tú 11 tán sínú ìkòkò, torí kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n bu kún dáadáa. Omi kànga dẹ̀rọ̀ náà ṣe é lò, àyàfi bí ó bá ní ìtọ́wò irin tàbí tí ó ń fi funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tù. Mo máa padà sórí ìyẹn níbi tíì.

Pípò rẹ̀

Ká ní aago 11 ni wọ́n máa dúró mu nǹkan. Mo máa ń fẹ́ kí a ti dé fúláàsìkì ní aago mẹ́wàá àbọ̀, kì í ṣe aago mẹ́jọ. Fúláàsìkì ń pa ooru mọ́ ju adùn lọ. Láàárín wákàtí kan sí méjì, kọfí inú rẹ̀ ṣì dára. Lẹ́yìn náà ó ṣì ń gbóná lóòótọ́ ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti ń lọ, ó sì ń kan díẹ̀díẹ̀. Omi tó pọ̀ báyẹn lórí sítóòfù gáàsì ilé lè gba ìdajì wákàtí kó tó hó, nítorí náà mo ń gbé e kaná ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀.

Ìkòkò tó gba lítà 8 ó kéré tán ni kí ẹ lò, torí kọfí tuntun máa ń ru bí ọṣẹ nígbà tí omi bá kàn án. Ẹ fi ìdérí bo omi títí yóò fi hó kí ó má ṣe bá ooru lọ, kí ẹ sì pa iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá ti hó. Àwọn kan ń lo kẹ́tù iná mànàmáná. Kẹ́tù oní lítà kan àti mìlílítà 700 ní láti hó ju ìgbà mẹ́ta lọ, èyí tó sì kọ́kọ́ hó ti ń tutù kí ìkẹyìn tó dé. Kẹ́tù náà wúlò fún nǹkan mìíràn: òun ni mo fi ń gbóná fúláàsìkì.

Ìgbóná yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má fò ó. Fúláàsìkì tútù máa fa ooru kúrò lára kọfí ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kọfí tí ì bá gbóná fún wákàtí mẹ́ta á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ìpàdé tó parí. Ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì dà á nù nígbà tí kọfí bá ti ṣe tán. Bí inú fúláàsìkì yín bá jẹ́ gíláàsì, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án, kí ti kẹ́tù tó tẹ̀ lé e. Mo ti gbọ́ ìró gíláàsì fúláàsìkì tó fọ́ nínú lọ́jọ́ ọyẹ́, ìró kékeré kan péré ni, owó sì ti lọ.

Nígbà tí omi bá hó tí ẹ sì pa iná, ẹ ṣí ìdérí kúrò fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Omi tó dára jù fún kọfí wà láàárín dígírì 90 sí 96. Omi inú ife ń tutù kíákíá, àmọ́ lítà márùn-ún inú ìkòkò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló fà á tí kò fi yẹ kí ẹ kàn da kọfí lé omi tó ń hó kùtùkùtù. Ẹ wá da kọfí sí i, kí ẹ fi ṣíbí onígi rò ó dé ìsàlẹ̀ títí kò fi sí kókó gbígbẹ kankan mọ́. Kókó ni ọ̀tá. Nínú ife kan ẹ ń rí i. Nínú ìkòkò, ìdá kan kọfí lè wà nínú kókó láìkan omi rárá, ẹ ó sì máa bínú sí ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ dé e. Ìṣẹ́jú mélòó? Ìyẹn wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́. Fún irú ìpò yìí, ó yẹ kí kọfí rí bíi gàrí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́, kì í ṣe bí èlùbọ́. Èyí tó rí bíi gàrí fẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí inú ọ̀rá, tó sábà máa ń kúnná tó sèmó, ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin tó o. Ẹ má ṣe sọ pé níwọ̀n ìgbà tí kọfí ti pọ̀, kí àkókò náà pọ̀. Ìkòkò ńlá ń mú ooru rẹ̀ dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kọfí inú rẹ̀ sì ń jáde yára ju ti inú ife lọ. Iye kọfí àti omi ni a sọ di ọ̀nà 27, àkókò kò sí nínú ìlọ́po.

Bí àkókò bá pé, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan kí èyí tó léfòó lókè lè rì, ẹ jẹ́ kí ó fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá máa fi ìpọnmi bù ú láti òkè. Asẹ́ onírin ni mo ń gbé sókè, aṣọ asẹ́ funfun wà lábẹ́ rẹ̀ nínú àrọ, àrọ sì wà lẹ́nu fúláàsìkì. Aṣọ tuntun ni o. Èyí tí ẹ fi ń sẹ́ ògì kò dára fún iṣẹ́ yìí bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, kíkan ògì ò ní tán lára rẹ̀. Àrọ tó sì ti gbé kẹrosíìnì rí, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan aṣọ náà kí ẹ tó lò ó, kí òórùn ọṣẹ má bàa wọ inú kọfí.

Ọwọ́ wa tó ti mọ́ ògì ló máa fẹ́ da ibi yìí rú. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ ìkòkò tí eérí kún inú aṣọ, ọwọ́ á máa yún yín láti fún un. Ẹ má ṣe fún un. Ohun tó máa jáde nígbà tí ẹ bá fún un jẹ́ ẹrẹ̀ kúnná àti kíkorò, ó sì máa wà nínú fúláàsìkì láti máa korò sí i. Mìlílítà 600 yẹn ti wà nínú ìṣirò wa látàárọ̀, a ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún eérí.

Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dé e

Ìgbà tó bá ku bí ife kan kí fúláàsìkì kún ni mo ń tọ́ ọ wò, torí àyè ṣì wà fún àtúnṣe. Ó lè le jù: ó wúwo lẹ́nu, ó dúdú, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Omi gbígbóná díẹ̀ láti inú kẹ́tù á tún un ṣe. Kíkorò ni ti kejì, irú èyí tó ń gbẹ ọ̀fun tó sì ń dúró lẹ́yìn ahọ́n. Ìyẹn ń wá láti inú pípẹ́ nínú omi tàbí láti inú kúnná jù. Omi kò lè wò ó sàn, kíkorò tó fúyẹ́ lẹ máa ní. Àkókò lẹ máa dín kù lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá kan lẹ́nu bí òroǹbó tí kò pọ́n, omi yín kò gbóná tó tàbí ẹ kánjú sẹ́ ẹ.

Bí ó bá fúyẹ́ ńkọ́? Ẹ kò lè da kọfí lílọ̀ sínú fúláàsìkì. Èmi máa ń ní agolo kọfí tó ń yọ́ nínú àpò mi fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń fi ife kan nínú kọfí gbígbóná náà po ṣíbí tíì méjì tàbí mẹ́ta, mo ń dà á padà sínú fúláàsìkì. Àwọn tó mọ kọfí dáadáa lè rẹ́rìn-ín mi, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó dá a mọ̀.

Mílíìkì àti ṣúgà, ẹ gbé wọn sórí tírè lọ́tọ̀. Mílíìkì tó jókòó sínú ooru fúláàsìkì fún wákàtí méjì ń yí òórùn padà, ó ń há sínú ọ̀pá pọ́ǹpù, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ ṣúgà fún ò ní rí nǹkan mu.

Tíì

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi wọ́n léèrè irú tíì tí wọ́n ń sọ. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, Máílò jẹ́ tíì, Bọnfíítà jẹ́ tíì, ohunkóhun tó bá ti gbóná tó wà nínú ife jẹ́ tíì. Ewé tíì oníbáàgì tó ní okùn ni èmi ń sọ níhìn-ín.

Báàgì kan sábà máa ń ní ewé gíráàmù 2, òun la sì ń lò sí ife mìlílítà 200. Ìṣirò ojú lásán á sọ pé fúláàsìkì 4,800 fẹ́ báàgì 24. Mo ti ṣe é, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti bu ìdá mẹ́ta rẹ̀ dànù ká fi omi dí i. Nínú ife, omi ń tutù láti ìgbà tí ẹ ti dà á, a sì ń yọ báàgì lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí a tó da mílíìkì sí i. Ìdajì agbára ewé náà ṣì wà nínú báàgì tí a sọ nù. Nínú ìkòkò tó bo tó sì gbóná, ìṣẹ́jú márùn-ún ń fa gbogbo rẹ̀ jáde. Nítorí náà báàgì 17 tàbí 18 ni mo ń lò fún lítà 4 àti mìlílítà 800. Ẹ kíyè sí i pé òdìkejì ti kọfí nìyí: kọfí ń fi omi tàn wá, tíì ń fi ewé tàn wá. Omi tí báàgì 18 ń mu kò tó ife kan, lítà 5 omi ti tó.

Omi tó ń hó gan-an ni tíì fẹ́, kò nílò ká dúró kó rọlẹ̀. Ẹ so okùn báàgì náà pọ̀ ní mẹ́fà-mẹ́fà mọ́ ọwọ́ ṣíbí onígi tí ẹ gbé dábùú ẹnu ìkòkò. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé, ẹ gbé ṣíbí náà, gbogbo wọn á jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri, èyí tí ẹ fọwọ́ fà jáde kẹ́yìn ti wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn kan ń jù wọ́n sínú fúláàsìkì, wọ́n á sì fi wọ́n síbẹ̀. Ife àkọ́kọ́ máa dára, ti ẹni ìkẹyìn á fa ahọ́n rẹ̀ pọ̀ bí ẹni jẹ orógbó.

Ẹni tí kò ní ìkòkò, tó ní kẹ́tù nìkan, lè po tíì tó le kó sì fi omi fẹ̀ ẹ́. Ẹ fi báàgì 18 sínú omi kẹ́tù kan, ẹ yọ wọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dà á sínú fúláàsìkì, kí ẹ sì fi omi kẹ́tù kejì àti ìkẹta kún un bí ó bá ti ń hó. Ó ń yọrí fún tíì. Ẹ má ṣe dán an wò pẹ̀lú kọfí lílọ̀. Bí gíráàmù 300 bá wọ inú lítà kan àti mìlílítà 700, 600 tí eérí máa gbé mì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo omi náà, inú omi yẹn sì ni agbára kọfí yín wà. Nínú lítà 5 àti mìlílítà 400, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án péré ló ń bá eérí lọ.

Bí ẹ bá rí nǹkan kan tó ń dán lójú tíì bí òróró, tó ń pín sí wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi ṣíbí kàn án, omi yín ló fà á. Omi kànga tó ní òkúta ẹfun nínú, èyí tó ń fi funfun sí ìdí kẹ́tù, ló ń bá ewé tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n kò wuyì lójú àlejò. Píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ fi ṣe tíì níbi tí omi bá rí báyẹn. Tíì tó sì di bí ẹrẹ̀ nígbà tó tutù ti le jù ni, báàgì ni kí ẹ dín kù.

Fúláàsìkì kan fún kọfí, òmíràn fún tíì, títí láé. Òórùn kọfí ń wọ rọ́bà ìdérí àti ọ̀pá pọ́ǹpù, kì í sì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ju ẹyọ kan lọ, ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé kí eérí tó gbẹ mọ́ ọn, ẹ da omi gbígbóná àti ṣíbí kan sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, kí ẹ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ gba ọ̀pá pọ́ǹpù jáde, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹ fi omi mímọ́ fa ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì fi fúláàsìkì náà sílẹ̀ láìdé títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ.